Ọ̀kan, méjì, ọ̀kan: ilé wo ni kò léwu?

Ìbéèrè

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, Mayfair ní Ilé-Ifẹ̀ ni mo ń gbé. Bí dátà bá tán lórí fóònù mi, géèmù Máìnsúwípà tó wà nínú láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fún mi ni mo fi ń najú. Ẹ̀gbọ́n mi náà ló kọ́ mi pé bí mo bá rí 1, 2, 1 tí wọ́n tò tẹ̀ léra lórí ìlà kan, bọ́ǹbù wà lórí 1 méjèèjì, kò sì sí bọ́ǹbù lórí 2. Ó ti ṣiṣẹ́ fún mi dáadáa. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí 1, 2, 1 láàárín pátákó. Mo fi àsíá sórí 1 méjèèjì, mo ṣí ilé tó wà lórí 2, nọ́ńbà 1 ló jáde níbẹ̀. Mo wá tẹ bọ́tìnnì máòsì méjèèjì pa pọ̀ lórí 1 apá ọ̀tún kó lè bá mi ṣí àwọn ilé tó kù, ni bọ́ǹbù bá bú gbàù. Mo ya àwòrán ohun tí mo rí, mo fi sínú lẹ́tà yìí. Ṣé òfin tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́ mi kì í ṣe òótọ́ ni, àbí kọ̀ǹpútà ló rẹ́ mi jẹ? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìdáhùn

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, ẹ sì ṣeun gan-an tí ẹ ya àwòrán náà, nítorí òun ló jẹ́ kí n rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí òfin kan tó ti ń gbè yín tẹ́lẹ̀ fi dà yín lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn béèrè ni, ó sì ní ìdáhùn tó ṣe tààrà.

Kọ̀ǹpútà kò rẹ́ yín jẹ, ẹ̀gbọ́n yín kò sì parọ́. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú òfin tó kọ́ yín, òun àti ẹ̀yin sì ń kà á bí ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sọ pé kò sí bọ́ǹbù lórí 2. Èyí jẹ́ òótọ́ níbikíbi tí ẹ bá ti rí 1, 2, 1 lórí pátákó. Ọ̀rọ̀ kejì sọ pé bọ́ǹbù wà lórí 1 méjèèjì. Èyí jẹ́ òótọ́ nígbà tí ilé tó ṣì wà ní títì bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo àwọn nọ́ńbà náà. Lọ́jọ́ tí bọ́ǹbù bú mọ́ yín lọ́wọ́, ilé títì wà lókè, ó sì tún wà nísàlẹ̀ 1 apá ọ̀tún. Ibẹ̀ ni bọ́ǹbù wà.

Kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìrẹ́jẹ kúrò nílẹ̀. Géèmù yìí, tí Robert Donner àti Curt Johnson kọ ní Microsoft, tó sì bá Windows 3.1 jáde lọ́dún 1992, kì í gbé bọ́ǹbù kiri nígbà tí ẹ bá ń gbá a lọ. Ìgbà kan ṣoṣo ló ń yọ bọ́ǹbù kúrò níbi tó wà, ìyẹn nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ tẹ ilé àkọ́kọ́, kí ẹ má bàa kú lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ibi tí bọ́ǹbù bá wà ló máa wà títí géèmù yóò fi parí. Nítorí náà, gbogbo nọ́ńbà tí ẹ bá rí ni ẹ lè fọkàn tán.

Ẹ mọ ohun tí nọ́ńbà ń sọ. Ilé mẹ́jọ ló yí ilé kọ̀ọ̀kan ká: mẹ́ta lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Nọ́ńbà inú ilé náà ni iye bọ́ǹbù tó wà nínú àwọn mẹ́jọ wọ̀nyẹn. Bí ilé náà bá wà ní etí pátákó, márùn-ún péré ló yí i ká. Bí ó bá wà ní kọ̀rọ̀, mẹ́ta. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí, inú gbólóhùn kan yìí ló ti jáde.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí òfin ẹ̀gbọ́n yín ti péye. Ẹ ronú pé ìlà tó gbẹ̀yìn nísàlẹ̀ pátákó ni àwọn nọ́ńbà yìí wà, tí kò sí ohunkóhun mọ́ lábẹ́ wọn. Mo fi lẹ́tà sórúkọ àwọn ilé títì tó wà lókè wọn:

```
K  L  M  N  P
1  1  2  1  1
```

Ẹ gbójú lé 1, 2, 1 tó wà láàárín. 1 apá òsì fara kan K, L àti M. 2 fara kan L, M àti N. 1 apá ọ̀tún fara kan M, N àti P. Ẹ rí i pé M nìkan ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ fara kàn.

Ẹ wá jẹ́ ká dán an wò pé bọ́ǹbù wà nínú M. 1 apá òsì ti rí bọ́ǹbù kan ṣoṣo tó ń wá, nítorí náà kò gbọdọ̀ sí bọ́ǹbù nínú L mọ́. 1 apá ọ̀tún náà ti rí tirẹ̀, nítorí náà kò gbọdọ̀ sí nínú N. Àmọ́ kí ni 2 máa wá ṣe? Bọ́ǹbù méjì ló sọ pé òun fara kàn, L, M àti N nìkan ló sì ní. A ti mú L àti N kúrò, bọ́ǹbù kan ṣoṣo ló kù sí i lọ́wọ́. Kò bára mu. Nítorí náà kò lè sí bọ́ǹbù nínú M láéláé. Bí M kò bá sì ní in, ó di dandan kí bọ́ǹbù méjì tí 2 ń wá wà nínú L àti N. Bí L bá ti ní in, 1 apá òsì ti yó, K kò léwu. Bí N bá ti ní in, 1 apá ọ̀tún ti yó, P kò léwu.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró sórí M nìkan, wọ́n á ṣí i, wọ́n á sì máa wá ibòmíì lọ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé mẹ́ta ni 1, 2, 1 ń fún yín lófẹ̀ẹ́ nírú ibí yìí: K, M àti P. Àwọn 1 méjì tó wà ní ìpẹ̀kun àwòrán náà tún lè fi kún un. 1 tó wà lábẹ́ K fara kan L, bọ́ǹbù sì wà nínú L, òun náà ti yó nìyẹn. Gbogbo ilé títì mìíràn tó fara kàn ni ẹ lè ṣí. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó wà lábẹ́ P.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wo àwòrán yín. Mo tún un yà bí ó ṣe rí kí ẹ tó ṣí ilé tó wà lórí 2, mo sì fi lẹ́tà sí àwọn ilé títì. Àmì kékeré tí ẹ máa rí níbẹ̀ ló dúró fún ilé òfìfo tí ẹ ti ṣí.

```
K  L  M  N  P
1  1  2  1  R
.  .  1  S  T
```

Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni apá ọ̀tún nísàlẹ̀. 1 apá ọ̀tún kò fara kan M, N àti P nìkan mọ́. Ó tún fara kan R, S àti T. 2 náà kò fara kan L, M àti N nìkan, ó tún fara kan S. Ẹ̀yin kà á bíi pé ìlà ìsàlẹ̀ ti ṣí tán, bẹ́ẹ̀ S ṣì wà ní títì, bọ́ǹbù sì jókòó sínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún dán M wò, ká rí i bóyá òfin náà ṣì dúró. Ká ní bọ́ǹbù wà nínú M. 1 apá òsì ti yó, L kò lè ní bọ́ǹbù. 1 apá ọ̀tún ti yó, N kò lè ní in, S náà kò lè ní in. 2 wá ku bọ́ǹbù kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ méjì ló ń wá. Kò bára mu síbẹ̀. M kò léwu, gan-an gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe rí i nígbà tí ẹ ṣí i.

Ìdí tí èyí kò fi ní yẹ̀ níbikíbi ni pé kò sí ilé kankan tó fara kan 2 tí ọ̀kan nínú àwọn 1 méjèèjì kò fara kàn. Ilé tó bá wà ní òpó 1 apá òsì, yálà lókè tàbí nísàlẹ̀, 1 apá òsì fara kàn án. Ilé tó bá wà ní òpó 1 apá ọ̀tún, 1 apá ọ̀tún fara kàn án. Ilé tó bá wà tààrà lókè tàbí nísàlẹ̀ 2, àwọn méjèèjì ló fara kàn án. Bí bọ́ǹbù bá wà tààrà lókè tàbí nísàlẹ̀ 2, ó ti ná owó àwọn 1 méjèèjì tán lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sẹ́ni tó máa san ẹ̀kejì fún 2. Nítorí náà, bí ìsàlẹ̀ 2 pàápàá bá ṣì wà ní títì, ẹ lè ṣí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ méjèèjì láìbẹ̀rù. Inú mi máa ń dùn sí ibí yìí nínú géèmù náà, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tó mọ òfin yìí ni kò mọ̀ pé ó lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Kí wá ni a mọ̀ nípa bọ́ǹbù? Bọ́ǹbù méjì ni 2 ń wá. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ wá láti òpó 1 apá òsì, èkejì láti òpó 1 apá ọ̀tún, nítorí pé kò sí òpó tó lè mú méjì wá. 1 tó wà láàárín òpó náà kò ní gbà. Lápá òsì, ìsàlẹ̀ ti ṣí, L nìkan ló kù, bọ́ǹbù wà nínú L dájúdájú. Àsíá tí ẹ fi síbẹ̀ tọ̀nà. Lápá ọ̀tún, ilé méjì ló wà, N lókè àti S nísàlẹ̀. Bọ́ǹbù wà nínú ọ̀kan nínú wọn, kò sì sí nínú èkejì. 1, 2, 1 kò sọ èyí tó jẹ́. Ẹ̀yin fi àsíá sí N bíi pé ó ti sọ ọ́.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tó kù tí ẹ lè ṣí láìsí ìfòyà. Bọ́ǹbù kan ṣoṣo tí 1 apá ọ̀tún ń wá wà nínú N tàbí S, èyí ó wù kó jẹ́. Nítorí náà P, R àti T kò ní nǹkan kan. Gbogbo òpó tó wà lẹ́yìn 1 apá ọ̀tún ti dómìnira. K náà kò léwu lápá òsì, nítorí L ti ní bọ́ǹbù. Ilé márùn-ún nìyẹn tí ẹ lè ṣí láì tíì mọ̀ bóyá N ni àbí S: K, M, P, R àti T.

Mo wá dé ibi tó ṣe pàtàkì jù nínú lẹ́tà yín, ibi tí ẹ ti sọ pé nígbà tí ẹ ṣí M, nọ́ńbà 1 ló jáde. 1 yẹn ń bá yín sọ̀rọ̀. M fara kan L, ó sì fara kan N. Bí àsíá méjèèjì tí ẹ fi sílẹ̀ bá tọ̀nà, ó kéré tán M yẹ kó jẹ́ 2. Níwọ̀n bó ti jẹ́ 1, ọ̀kan nínú àsíá yín kò tọ̀nà. Èwo ni? L dájú, a ti rí ẹ̀rí rẹ̀. Nítorí náà N ni àsíá rẹ̀ kò tọ̀nà, N kò ní bọ́ǹbù, S ló ní in. Àwọn ilé mẹ́ta tó wà lókè M náà kò léwu, nítorí L ti fún M ní bọ́ǹbù kan ṣoṣo tó ń wá.

Ẹ rí i pé kò sí ohun kan tí ẹ nílò mọ́ láti mọ ibi tí bọ́ǹbù wà. Ó ti wà lójú pátákó kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì méjèèjì. Ohun tó kàn yẹ ni pé kí ẹ yọ àsíá kúrò lórí N, kí ẹ fi sórí S, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ. 1 tó wà lábẹ́ 2 fara kan S náà, ó sì tún fara kan ilé tó wà nísàlẹ̀ S. Nígbà tí S ti jẹ́ bọ́ǹbù, 1 yẹn ti yó, ilé ìsàlẹ̀ S kò léwu. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló tú gbogbo ìdí yìí.

Bí M bá ti jẹ́ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́? Nígbà náà kò tíì lè dá ẹjọ́, nítorí bọ́ǹbù kejì lè wà nínú N, ó sì lè wà nínú àwọn ilé tó wà lókè M. Ẹ ṣí P nígbà yẹn. P fara kan N, kò fara kan S. Bí P bá ṣí lófìfo, N kò ní bọ́ǹbù nìyẹn, kọ̀ǹpútà gan-an ló máa bá yín ṣí N bí kò bá sí àsíá lórí rẹ̀. T náà rí bẹ́ẹ̀ ní òdìkejì: ó fara kan S, kò fara kan N. R kò lè ràn yín lọ́wọ́ lórí èyí, torí pé ó fara kan N àti S méjèèjì, kò sì lè sọ èwo nínú wọn ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí títẹ bọ́tìnnì méjèèjì pa pọ̀, nítorí ohun tó pa yín gan-an nìyẹn. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lórí nọ́ńbà kan, kọ̀ǹpútà á ka àsíá tó yí nọ́ńbà náà ká. Bí iye àsíá bá dọ́gba pẹ̀lú nọ́ńbà náà, ó máa ṣí gbogbo ilé títì tó kù lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í béèrè bóyá àsíá náà wà níbi tó yẹ. 1 apá ọ̀tún rí àsíá kan lórí N, ó gbà pé òun ti yó, ó sì ṣí P, R, S àti T fún yín. Bí ẹ bá wo àwòrán yín dáadáa, ẹ máa rí i pé wọ́n fi àmì pupa kọjá lórí N. Bí géèmù náà ṣe ń fi àsíá tí kò tọ̀nà hàn lẹ́yìn tí bọ́ǹbù bá bú nìyẹn. Tí bọ́ǹbù bá tún bú, àmì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, ó máa ń tọ́ka sí ibi tí èrò ti yà kúrò lójú ọ̀nà.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi àsíá sórí 1 kankan nínú 1, 2, 1, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ìlà tí àwọn nọ́ńbà náà wà bá jẹ́ etí pátákó, tàbí tí àwọn ilé tó wà lẹ́yìn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti ṣí pátá, ẹ fi àsíá sí i. Bí ilé títì kan bá ṣì wà lẹ́yìn 1 náà, ẹ fi àsíá sílẹ̀ ná, ẹ kọ́kọ́ ṣí èyí tó dájú.

Ohun kan tún wà tó máa ń da àwọn tó ti mọ èyí láàmú. Wọ́n á rí 2, 3, 2 tàbí 2, 3, 1, wọn ò ní mọ̀ pé 1, 2, 1 ló fara pa mọ́ sínú rẹ̀. Ká sọ pé ẹ rí 2, 3, 2 lórí ìlà, ẹ sì ti mọ̀ dájú pé bọ́ǹbù kan wà nísàlẹ̀ 3. Bọ́ǹbù yẹn fara kan àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò lára nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ó ku 1, 2, 1. Ilé tó wà lókè 3 kò léwu. Àmọ́ ká ní bọ́ǹbù tí ẹ mọ̀ wà nísàlẹ̀ nọ́ńbà apá òsì, àwọn méjì péré ló fara kàn, apá òsì àti àárín. Nígbà yẹn 2, 3, 1 ló máa di 1, 2, 1, kì í ṣe 2, 3, 2. Nọ́ńbà tí bọ́ǹbù náà bá fara kàn nìkan ni kí ẹ yọ ọ̀kan lára rẹ̀. Ẹ má sì yọ nǹkan kan nítorí àsíá tí ẹ kàn rò pé ó yẹ kó wà níbẹ̀. Àsíá tí kò dájú kan ṣoṣo máa ń ba gbogbo ìṣirò tó bá tẹ̀ lé e jẹ́.

Ẹ lè rí 1, 2, 2, 1 náà, kí ẹ sì fẹ́ fi òfin kan náà kà á. Níbẹ̀, tí ìsàlẹ̀ bá ti ṣí tán, orí 2 méjèèjì ni bọ́ǹbù wà, orí 1 méjèèjì ló ṣófo. Ó dà bíi pé ó tako ti àkọ́kọ́, kò takò ó rárá. Ẹ wo 1 àti 2 àkọ́kọ́. Ilé méjì ni wọ́n jọ fara kàn, ìyẹn èyí tó wà lókè 1 àti èyí tó wà lókè 2. Nítorí 1 wà níbẹ̀, ilé méjèèjì yẹn kò lè ní ju bọ́ǹbù kan lọ láàárín ara wọn. 2 sì nílò méjì. Ìyókù gbọ́dọ̀ wá láti ilé kẹta tó fara kàn, èyí tó wà lókè 2 kejì. Bí ẹ bá fi òdìkejì ṣe é láti apá ọ̀tún, bọ́ǹbù kan tún gbọ́dọ̀ wà lókè 2 àkọ́kọ́. Gbogbo àwọn 1 ti yó nìyẹn, ilé tó wà lókè wọn kò léwu. Bí ẹ bá lè ronú báyìí lórí 1 àti 2 tó fara kanra, ẹ kò nílò láti kọ́ 1, 2, 1 tàbí 1, 2, 2, 1 sórí mọ́, àwọn méjèèjì wà nínú rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ibi gbogbo lórí pátákó ló ní ilé tí èrò lè rí. Lọ́dún 2000, Richard Kaye, onímọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Birmingham, fi hàn pé ìbéèrè bóyá àwọn nọ́ńbà tó wà lórí pátákó kan lè bára mu jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìbéèrè tó le gan-an nínú ìṣirò kọ̀ǹpútà. Kò tíì sí ẹni tó rí ọ̀nà kíákíá kan tó kápá gbogbo pátákó bó ti wù kó tóbi tó. Lórí pátákó kékeré, tó jẹ́ ilé 9 sí 9 pẹ̀lú bọ́ǹbù 10, èrò máa ń tó lọ́pọ̀ ìgbà. Lórí èyí tó tóbi jù, ilé 30 sí 16 pẹ̀lú bọ́ǹbù 99, ẹ máa bá ibi tí nọ́ńbà kò ti lè ràn yín lọ́wọ́ pàdé, pàápàá ní kọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà pupa tó wà lókè lápá òsì. Ó ń sọ iye bọ́ǹbù tó kù, ó sì wúlò gan-an nígbà tí ilé títì bá ti kù díẹ̀. Nígbà míì, ọ̀nà méjì ló wà tí àwọn nọ́ńbà fi lè bára mu, ọ̀kan gba bọ́ǹbù kan, èkejì gba méjì. Nọ́ńbà pupa yẹn ló máa ṣe ìdájọ́. Ẹ kàn rántí pé àsíá yín ló ń kà, kì í ṣe bọ́ǹbù gan-an. Bí ẹ bá ti fi àsíá kan sórí ilé tí kò ní bọ́ǹbù, bí ẹ ṣe ṣe lórí N, iye tó ń sọ fún yín ti dín pẹ̀lú ọ̀kan. Nítorí náà, kí ẹ tó gbà á gbọ́, ẹ yọ àsíá èyíkéyìí tí ẹ kò bá lè fi nọ́ńbà kan tọ́ka sí ìdí rẹ̀. Bí ó bá wá jẹ́ pé ilé méjì ló kù, tí nọ́ńbà pupa náà sì sọ pé 1, tí gbogbo nọ́ńbà tó fara kan ọ̀kan nínú wọn sì fara kan èkejì náà, kò sí èrò tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ tẹ̀ ẹ́.